Oókan Tí Mo Kà Sí Eéje

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò kan ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Àwa la máa ń kó èrò lọ sí Parakú àti àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà àríwá. Iṣẹ́ tèmi kò ju ti ìdí kọ̀ǹpútà lọ. Tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bá fẹ́ gbéra láàárọ̀, obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á fi bírò kọ gbogbo èrò sórí ìwé gígùn kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ń lọ, àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ ló máa ń mú ìwé náà dání lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú un lọ, obìnrin yìí á yà á ní fọ́tò, á sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi.

Mo ní ètò kan nínú kọ̀ǹpútà mi tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́tò. Yóò ṣa àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ jọ, yóò sì tò wọ́n sísàlẹ̀ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú orúkọ èrò tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá gúnlẹ̀, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ sílé wọn pé èrò wọn ti dé láyọ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Àwọn ìyá àgbà máa ń ní kí ọmọ ọmọ wọn kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ni ètò náà lára rárá. Ìwé ọwọ́ ló máa ń dà á láàmú. Ó lè ka òdo sí lẹ́tà O, ó lè ka aárùn-ún sí S, ibi tí bírò bá sì ti fò, ó lè jẹ odindi nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀. Ibi tí kò bá dá a lójú, ó máa ń kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi òdo àti oókan síwájú gbogbo nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, tí ẹyọ mẹ́jọ di mẹ́wàá, ẹni tó ṣe ètò náà fún wa ti kọ́ ọ pé kó tún iwájú nọ́ńbà ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà iwájú kì í ṣì. Àárín àti ìdí ni kò sí òfin kankan tó lè bá wọn tún un ṣe, àfi ojú ènìyàn.

Oókan àti eéje ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé Faransé, oókan ní orí gígùn kan tó tẹ̀ wá sísàlẹ̀, eéje sì ní igi kékeré tó dábùú rẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá ń kánjú á fa orí oókan gùn jù, á di eéje lójú ẹ̀rọ. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, ọjọ́ kan kò kọjá kó má fà á gùn. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé igi eéje rẹ̀ rí. Mo mọ ìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún kan gbáko kí ọjọ́ tí mò ń sọ yìí tó dé, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo nìyẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ náà, mo máa ń yẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wò dáadáa. Mo á ka ẹyọ rẹ̀ bóyá ó pé mẹ́wàá. Mo á fẹ fọ́tò náà lójú, mo á fi ìka tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iyèméjì bá ṣì wà, mo á ṣe bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà náà, kí orúkọ ẹni tó ni ín lè jáde lójú fóònù, mo á sì fagi lé e kí ó tó lọ. Nígbà tó pẹ́, tí àtẹ̀jíṣẹ́ ayọ̀ nìkan la ń fi nọ́ńbà náà ṣe, ọwọ́ mi dẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣì, ẹni tí kò mọ̀ wá á gbọ́ pé ẹnì kan ti dé Parakú. Kí ló burú nínú ìyẹn?

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni ìròyìn dé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Bọ́ọ̀sì wa ti yà kúrò lójú títì lẹ́yìn Bohicon, ó sì ti dojú dé inú àbàtà. Àwọn kan ti kú. Wọ́n ń kó àwọn tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí ibẹ̀. Awakọ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n ìwé èrò tó wà nínú àpò rẹ̀ ti rin gbingbin, yíǹkì ti ṣàn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà mọ́ lórí rẹ̀. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ló kù.

Ọ̀gá wa wọlé, ó dúró sẹ́yìn àga mi. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó ní, "Ẹ pe àwọn ará ilé wọn kí rédíò tó sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́."

Fọ́tò ọjọ́ yẹn kò dára. Iná ibi ìtajà kò mọ́lẹ̀ tó, òjìji ọwọ́ obìnrin náà wà lórí apá kan ìwé, etí ìwé sì ti ká. Ètò náà kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un yípo kó dúró gbọọrọ, mo mú kí dúdú rẹ̀ dúdú sí i, ó tún un kà. Mẹ́fà nínú àwọn nọ́ńbà náà yọ ní àwọ̀ ìyeyè. Mo jókòó ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fẹ̀ wọ́n lójú, mo tún wọn ṣe. Ìyókù mo kàn fi ojú sáré gbá wọn kọjá. A pín wọn sí méjì, èmi àti ọkùnrin àgbàlagbà kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe é. Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Fọ̀n, mo sọ ọ́ ní Nàgó. Àwọn mìíràn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún dúpẹ́, ó ń dúpẹ́ ṣáá títí mo fi pa fóònù.

Mo dé ìlà ọmọbìnrin kan. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ìyá rẹ̀ ló kọ sílẹ̀ pé kí a pè. Nọ́ńbà náà kò ní àwọ̀ ìyeyè kankan. Mo wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo rí eéje tí ètò kà sí àárín rẹ̀, mo sì rí i pé eéje náà kò ní igi. N kò lè parọ́ fún ara mi lórí èyí. Mo rí i. Ọkàn mi sọ pé, eéje rẹ̀ kì í wà láìní igi. Fóònù orí tábìlì kejì ń dún, ọ̀gá wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí ètò ṣe kà á.

Ó wọlé. Obìnrin kan gbé e.

Mo kí i ní Faransé, ó dá mi lóhùn ní Nàgó, ti apá Pobẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé èdè mi ni. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá," mo sì dárúkọ ọmọ náà. Orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan ni mo dá, orúkọ tó jẹ́ pé bí o bá pè é ládùúgbò wa, ọmọ mẹ́ta ni yóò jẹ́ ẹ. N kò fi orúkọ ìdílé kún un.

Ó ní, "Èmi ni. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni, Màmá. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Parakú láàárọ̀ yìí ti ní ìjàǹbá. Wọ́n ti kó àwọn tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí Bohicon."

 Ó ní, "Ọmọ mi kò sọ fún mi pé òun ń rin ìrìn àjò."

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi láti dúró. N kò dúró. Mo ní, "Màmá, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé."

Ó ní, "Ó dáa. Mò ń lọ síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ìyókù láti ẹnu rẹ̀. Sèmè ló ń gbé, etí òkun, ẹja ló ń yan. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì Calavi, ilé tí wọ́n háyà lọ́hùn-ún ló ń gbé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù rẹ̀ kò lọ, nítorí ìdánwò ló ń ṣe lọ́jọ́ náà, ó sì ti pa á. Ìyá náà pa iná ẹja rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ní ọkọ̀, wọ́n sì forí lé ọ̀nà nínú òjò.

Ní ilé ìwòsàn náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣoṣo ló wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Báńdéèjì ti bo orí àti ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú, kò sí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí fóònù. Wọ́n bi obìnrin náà léèrè orúkọ ọmọ tó ń wá, ó sọ ọ́, wọ́n bi í ní iye ọdún rẹ̀, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ òun nìyẹn. Ó jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń ka àdúrà sí i létí.

Kí agogo mẹ́fà tó lù ni fóònù mi dún. Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi," bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè mí, "ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti Calavi ni. Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́."

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

Ó ní, "Ta wá ni eléyìí?"

Kò bínú. Ìbéèrè ló ń bi mí, ó sì ń dúró de ìdáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní àkókò díẹ̀. Mo ṣí fọ́tò náà, mo wá gbogbo oókan tó wà lójú ìwé, mo wá gbogbo eéje. Mo fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo eéje ló ní igi, àfi ẹyọ kan yẹn. Oókan ni. Mo yí i padà, mo tẹ nọ́ńbà náà. Ohùn ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn ní Faransé pé fóònù ẹni tí mò ń pè wà ní pípa. Mo tún un pè, mo tún un pè. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ó pe wá kíákíá, n kò sì lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ní báyìí n kò tún gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tí n kò tíì mọ̀ dájú.

Mo pe obìnrin Sèmè náà padà láti sọ fún un pé mo ti rí àṣìṣe náà, kó máa padà sílé, kó forí jì mí. Àbúrò rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò tíì fẹ́ kúrò nídìí ọmọ náà.

Ọmọ náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni nọ́ńbà kejì wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan nínú ilé yín wọ ọkọ̀ lánàá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ òun ni. Mo ní kó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀. Ó sọ méjèèjì. Mo bi í léèrè ibi tí ọmọ náà ń lọ. Ó ní Parakú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ síbẹ̀ nínú ilé oògùn kan. Gbogbo rẹ̀ bá ìwé mu. Kò sí àṣìṣe kankan mọ́, mo sì ń wá àṣìṣe náà bí ẹni ń wá omi.

Kí n tó sọ ọ́, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ nípa bọ́ọ̀sì náà lánàá. Mo pe ọmọ mi, kò lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé iṣẹ́ ń pe gbogbo ẹbí àwọn tó fara pa. Ẹ kò pè mí. Mo ní, ó dáa nígbà náà. Iná kò sí ládùúgbò wa, fóònù mi kú, mo sì sùn."

Mo sọ fún un. N kò rántí ọ̀rọ̀ tí mo lò.

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá wa. Mo fi fọ́tò náà hàn án, mo fi ìka sí ibẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Èmi náà ì bá kà á sí eéje." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbé ẹrù náà kúrò léjìká mi ni. Kò ṣiṣẹ́. Ètò náà kò ní ẹ̀bi. Ohun tó jọ eéje lójú rẹ̀ ló pè ní eéje, kò mọ ọwọ́ obìnrin tó kọ ọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà la ti yí iṣẹ́ padà. Ènìyàn méjì ló ń wo nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan báyìí: ẹnì kan á ka fọ́tò sókè, ẹnì kejì á máa wo ohun tí ètò kà. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù níṣojú èrò kí ó dún nílé, kí ẹni tó gbé e sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí a bá sì ń pè nítorí ìṣòro, a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni títí ẹni tí a pè yóò fi dá a. Òfin tó dára ni. Àwọn tó wá lẹ́yìn kò mọ ibi tó ti wá.

Ní nǹkan bí ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì wa. Obìnrin gíga ni, kò sunkún. Mo rò pé ó wá bá mi jà, mo sì ti múra fún un. N bá fẹ́ kó jà. Ó jókòó síwájú mi, ó ní, "Àwọn nọ́ọ̀sì sọ pé obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní ó ń pè é ní ọmọ òun. Ta ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí igi tí kò sí lára eéje. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Mú mi lọ bá a."

Mo kọ́kọ́ pe obìnrin Sèmè láti tọrọ àyè. Ó ní ká máa bọ̀. Ọjọ́ Àìkú, lọ́sàn-án, a wọ ọkọ̀ lọ, àwa méjì. Ilé onípákó ni ilé rẹ̀, iyanrìn dé ẹnu ọ̀nà, òórùn èéfín ẹja sì wà lára gbogbo nǹkan. Ó gbé ìjókòó fún wa, ó bu omi, ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọmọ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Ọmọ tirẹ̀ tó wà láàyè, akẹ́kọ̀ọ́ Calavi, ti jáde kúrò nílé. Ó ní òun ló ní kó jáde, ojú ń ti òun láti jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ìyá ọmọ náà ní, "Ẹ sọ fún mi."

Obìnrin Sèmè ní, "Nígbà tí ọmọ mi pè mí, mo dìde. Mo ti mú báàgì mi. Ọmọ yín bá fà mí lọ́wọ́. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó fà á. Ó ní, 'Màmá.'" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Mo ti mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọmọ mi. Ó ní, 'Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?' Kí ni kí n sọ? Mo ní, mo wà níbí. Mo tún jókòó."

 Ìró òkun nìkan la ń gbọ́.

Ìyá ọmọ náà ní, "Ṣé ó mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

"N kò mọ̀. N kò lè sọ pé mo mọ̀."

"Ohùn yín àti tèmi kò jọra."

"Kò jọra. Mo ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó di ọwọ́ obìnrin Sèmè mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó, ó tún dà á bolẹ̀. Ó mu omi tí wọ́n bù fún un tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ó dìde, a sì jáde.

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà, ó ní kí n ka nọ́ńbà òun sí òun létí bó ṣe wà nínú fóònù mi. Mo kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí òdo títí dé ìdí. Nígbà tí mo dé oókan àárín, mo dúró lórí rẹ̀. Ó dúró dè mí. Mo tún un kà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," ó sì wo ojú fèrèsé títí a fi wọ ìlú. N kò tún rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Obìnrin Sèmè ni kò fi mí sílẹ̀. Ó máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, kó tó dáná ẹja. Ó á bi mí léèrè àlàáfíà, ó á bi mí léèrè iṣẹ́. Mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó á ní, "Mo tún gbọ́ ohùn ọmọ yẹn lánàá. Ó tún bi mí bóyá mo wà níbẹ̀."

Mo á ní, "Kí lẹ wí fún un, Màmá?"

Ó á ní, "Mo dá a lóhùn."